Bí a ṣe ń rán ọ̀gá létí ìwé ìsinmi tí kò tíì fèsì sí

Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé pé òun fẹ́ lọ fún ìsinmi ọdún, tí ọ̀sẹ̀ kan sì kọjá láìsí èsì, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ọ̀gá kò fẹ́ kí òun lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, tàbí nínú ilé iṣẹ́ aládàáni lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, ìwé náà lè má tíì dé iwájú ọ̀gá rárá, ó sì lè ti dé kí ohun kan nínú rẹ̀ má yé e, tàbí kí ó máa retí kí ẹlòmíràn tó fẹ́ lọ ní àkókò kan náà kọ́kọ́ pinnu. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a sọ yàtọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà, ibi tí ìwé wà ni a kọ́kọ́ ń wá, kí a tó kan ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e ka orí akọ̀wé owó kan ní ilé iṣẹ́ tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta 2025, ó kọ̀wé tọrọ ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, láti 14 sí 25 oṣù Kẹrin, nítorí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní ìlú Òǹdó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì tí kò gbọ́ nǹkan kan, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ọ̀gá ló lọ, ìyá àgbà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìsinmi tí mo mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ó ti wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá?” Ìyá náà dáhùn pé: “Ó ti wọlé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n fi báírò yí ọjọ́ tó o kọ síbẹ̀ ká, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó tú gbogbo rẹ̀. Ìsinmi Àjíǹde wà láàárín ọjọ́ tí ó kọ: Ọjọ́ Ẹtì Rere bọ́ sí 18 oṣù Kẹrin, ọjọ́ Ajé Àjíǹde sì bọ́ sí 21. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ péré ni ó wà láàárín 14 sí 25, kì í ṣe mẹ́wàá. Ọ̀gá rí i pé iye ọjọ́ kò bá déètì mu, kò sì mọ èyí tí òun yóò fọwọ́ sí nínú méjèèjì. Ó yẹ kí ó pè é béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ a máa gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, ìgbà mìíràn náà kì í sì í tètè dé.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, 12, akọ̀wé owó náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ránṣẹ́:

“Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kí n rán yín létí ìwé ìsinmi tí mo kọ ní 3 oṣù yìí. Mo ti tún ọjọ́ rẹ̀ kà sà. Nítorí ìsinmi Àjíǹde, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti 14 oṣù Kẹrin yóò parí ní 29, n ó sì wọlé ní 30. Ẹni tí a jọ wà ní ẹ̀ka wa ti gbà láti máa bá mi bójú tó ìwé àwọn oníbàárà. Bí ọjọ́ yìí kò bá rọrùn fún iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ èyí tí ẹ bá fẹ́. N ó dúpẹ́ bí mo bá lè mọ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù yìí. Ẹ ṣeun sà.”

Kò sí “ẹ kò tíì dá mi lóhùn” nínú rẹ̀, nítorí pé bí a tilẹ̀ fi “sà” méjì sí i, ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ náà. Kò sì tún ìtàn ìgbéyàwó rò, nítorí ó ti wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ohun tí ọ̀gá nílò láti fi pinnu: déètì tí ó péye, ẹni tí yóò di iṣẹ́ mú, àti àyè láti yí ọjọ́ padà láìjẹ́ pé ó sọ pé rárá. Ọjọ́ tí ó dá fún èsì ṣe pàtàkì pẹ̀lú, nítorí láìsí i, kò ní sí ìdí tí ó mọ́gbọ́n wá láti tún béèrè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni èsì ẹnu. Ọ̀gá pàdé òṣìṣẹ́ ní ẹnu géètì, ó ní: “Mo ti rí i, má ṣèyọnu.” Ìdáhùn rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ ọ́ padà sí i pé: “Ẹ ṣeun sà fún ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ láàárọ̀ yìí. Ṣé kí n máa múra láti lọ ní 14 sí 29 oṣù Kẹrin? N ó gbé ìwé náà wá fún ìfọwọ́sí yín lọ́la.” Kò sí ọ̀gá tó máa bínú sí èyí, ó sì mú kí ọ̀rọ̀ kúrò ní ti ẹnu.

Bí ọjọ́ tí a dá bá kọjá, ìránnilétí kejì a máa kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, a sì máa fi ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ lè gbọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá pé a fẹ́ bi wọ́n léèrè bí ètò náà ti rí. Gbígba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀, kì í ṣe bíbéèrè. Àgbà òṣìṣẹ́ kan lè bá ni sọ ọ́. Pásítọ̀ ọ̀gá tàbí ìyàwó rẹ̀ kò yẹ kí ó dá sí i rárá.

Ní iṣẹ́ ìjọba, fáìlì ni ìwé ń bá rìn, nítorí náà nọ́ńbà fáìlì ni a ń mú lọ sí rẹ́jísírì láti béèrè orí tábìlì tí ó wà. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ní apá 18, fún òṣìṣẹ́ tí ó kàn ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó lẹ́yìn oṣù méjìlá tí ó fi ṣiṣẹ́ láìdáwọ́dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ sí ìsinmi kò sọ pé ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá yàn ni dandan. Ìdí nìyí tí ìdákẹ́jẹ́ ọ̀gá kò fi lè di ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá di ẹrù rẹ̀ lọ sí Òǹdó ní 14 láìní ìfọwọ́sí, ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́ ni wọn yóò kọ ọ́ sí, ìwé ìsinmi tó wà lórí tábìlì kò sì ní gbà á sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òkú ló ṣẹlẹ̀ tàbí àìsàn òjijì, gbogbo ìdúró ọ̀sẹ̀ kan yìí kò kàn án: ẹ pe ọ̀gá lórí fóònù lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi ìwé tẹ̀ lé e.