Ẹ Má Gbé Omi Pamọ́ fún Ọmọ Tó Ń Tọ̀ Sílé

Bí ooru bá ti mú ní Abuja níbí, láti Kúbúwà dé Nyányá, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ìyá máa ń sọ fún ara wọn: ọmọ tó ń tọ̀ sórí ibùsùn, omi ló ń mu jù. Ẹ gbé omi pamọ́ fún un láti ìrọ̀lẹ́, yóò ṣíwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, torí ó lè gba ẹ̀mí ọmọ tó bá jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ló ń mú un tọ̀ sílé.

Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, àwọn ohun tó ń gbèjà ara ló yíjú sí ibi tí ínsúlínì, èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà, ti ń jáde, tí wọ́n bà á jẹ́. Ṣúgà inú oúnjẹ ò wá rí ọ̀nà wọ inú iṣan mọ́, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń kóra jọ sí. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL, kíndìnrín á máa tú u sínú ìtọ̀, ṣúgà náà á sì máa wọ́ omi ara tẹ̀ lé e. Ìtọ̀ yìí ló ń mú òùngbẹ wá. Ẹni tó gbé omi pamọ́ ò dá ìtọ̀ dúró rárá; ara ọmọ ló ń jẹ́ kó tètè gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún méje kan tó ti pẹ́ tó ti fi títọ̀ sílé sílẹ̀. Lójijì ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ń jí lóru wá omi. Ṣòkòtò ilé ìwé tó bá a mu nígbà tí wọ́n wọlé ti ń já bọ́ ní ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun: ara tí ò rí ṣúgà lò ti ń jó ọ̀rá àti ẹran tirẹ̀. Wọ́n ní ó ń ga ni. Nígbà tó yá, ó ń bì, inú ń run ún, wọ́n fún un lóògùn ibà. Àyẹ̀wò ibà kì í fi ṣúgà hàn, kódà bí ibà bá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí èémí rẹ̀ bá wá ń jinlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù, oró ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, lójú ẹsẹ̀.

Gígún orí ìka láti fi wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ ọmọ náà, torí ṣúgà ara ìka lè ba èsì jẹ́. Ẹ má sọ pé ó di àárọ̀ ọ̀la, kó tó jẹun, kẹ́ ẹ tó wò ó. Bó bá tó 200 mg/dL pẹ̀lú àwọn àmì wọ̀nyí, tàbí tí ẹ̀rọ kọ HI, ìyẹn ni pé ṣúgà ti ga ju ohun tó lè kà lọ, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń tọ̀ sílé ló ní àtọ̀gbẹ o. Àrùn ojú ìtọ̀, ìgbẹ́ líle tàbí ìpayà lè fà á. Bí èsì bá dára ṣùgbọ́n tí òùngbẹ àti rírù ò dáwọ́ dúró, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fa dírípù sí i lára nítorí ibà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ṣúgà rẹ̀, torí dírípù tó ní ṣúgà nínú á tún fi kún èyí tó wà nílẹ̀.