Bí èèyàn ṣe ń kó àwọn tó ń tẹ̀ lé e wọ inú àkọsílẹ̀ tara rẹ̀

Ká ní èèyàn 3,000 ló ń tẹ̀ lé obìnrin kan tó ń kọ́ni ní aṣọ rírán lórí Instagram. Tó bá gbé fídíò tuntun síbẹ̀, kì í ṣe òun ló máa sọ ẹni tó máa rí i. Àlígọ́rídímù ló máa wo ohun tí kálukú ti ń wò tẹ́lẹ̀, á sì yan èyí tó máa gbé síwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ojú ìwé rẹ̀ pa lọ́la, kò ní nọ́ńbà ẹyọ ẹnì kan lọ́wọ́. Bíródíkáàsì orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ tiwọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ nọ́ńbà àti ímeèlì àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn, àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń já wọn kulẹ̀.

Bíródíkáàsì kì í ṣe gúrúùpù. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn máa kọ ọ̀rọ̀, àmọ́ yóò wọlé sọ́dọ̀ kálukú bíi pé òun nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí, èsì rẹ̀ ò sì ní hàn sí ẹlòmíì. Èèyàn 256 ni àkójọ kan ń gbà. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà olùfiránṣẹ́ pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ náà gbà, kódà kí olùfiránṣẹ́ ti fi tiẹ̀ pamọ́. WhatsApp ò sì ní ké sí ẹnikẹ́ni pé kò dé.

Nítorí náà, bí nọ́ńbà ṣe máa dénú fóònù àwọn èèyàn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ronú lé. Obìnrin yìí ya àtẹ ìwọ̀n bùbá kan, ó sì sọ fáwọn tó ń tẹ̀ lé e pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó tẹ líǹkì yìí:

```
https://wa.me/15551234567?text=Mo%20ti%20fi%20nomba%20yin%20pamo
```

Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè, láìsí àmì `+` níwájú. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé `text=` á ti wà ní kíkọ sílẹ̀ de ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Kó ṣáà fi ránṣẹ́ ló kù. Síbẹ̀, kéèyàn fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ kò fi hàn pé ó ti fi nọ́ńbà pamọ́ lóòótọ́. Ọgbọ́n tó dáa jù ni pé kí àtẹ náà gan-an gba orí bíródíkáàsì lọ. Ẹni tí kò bá rí i gbà á padà wá béèrè, wọ́n á sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èèyàn 300 fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó fi orúkọ wọn pamọ́, ó kọ "Aṣọ" síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan kó má bàa wá wọn tì, ó sì pín wọn sí àkójọ méjì, 150 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi àtẹ náà ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó ṣí `Info`, ó sì rí i pé ó ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn 112 nínú àkójọ àkọ́kọ́. Àwọn 38 yòókù ńkọ́? Ó kọ̀wé tààrà sí mẹ́wàá nínú wọn. Mẹ́jọ gba àmì máàkì méjì kíá. Ìyẹn ni pé fóònù wọn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn ò fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́. Máàkì kan ṣoṣo ló wà lára ti àwọn méjì tó kù: bóyá fóònù wọn ò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá wọ́n sì ti dínà mọ́ ọn.

Àmọ́ WhatsApp náà ní ẹni tó ni ín. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń fẹjọ́ nọ́ńbà kan sùn, wọ́n lè tì í pa. Ìdí nìyí tí kò fi dáa rárá kéèyàn máa ṣa nọ́ńbà nínú gúrúùpù ẹlòmíì, torí àwọn tí kò béèrè ló ń yára fẹjọ́ sùn. Nígbà tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣì gbóná, kó béèrè ímeèlì àwọn tó kọ̀wé sí i pẹ̀lú, kó sì kọ orúkọ, nọ́ńbà, ímeèlì àti ọjọ́ tí wọ́n gbà pé kó máa kọ̀wé sáwọn sínú fáìlì CSV kan, ìyẹn àtẹ tí ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà lè ṣí. Bí iléeṣẹ́ kan tó ń báni fi ímeèlì ránṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, fáìlì yẹn ṣeé gbé lọ sí òmíràn.

Ímeèlì náà ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Gmail sọ pé kí ẹjọ́ tí wọ́n ń fi olùfiránṣẹ́ sùn má ṣe tó 0.3%, ìyẹn èèyàn mẹ́ta nínú 1,000. Torí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ òun, kí wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nínú bíródíkáàsì àti nínú fáìlì.