Ṣé owó epo mọ́tò àtijọ́ tó ra mọ́tò mìíràn?

"Ẹ̀gbọ́n, epo tí mọ́tò yín ń mu lọ́dún méjì, ó ti tó ra Kòrólà." Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ọ́fíìsì fi ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú nìyí ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́. Kámúrì 2004 ni mọ́tò rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Bíìgì Dádì. Láìpẹ́ yìí ni gíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìjí, epo tó ń mu náà sì lé sí i. Mẹ́káníìkì rẹ̀ ní gíà ti lọ, kó mú 850,000 náírà wá fún gíà tòkunbọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé ọjọ́ orí ló ń jẹ́ kí mọ́tò máa mu epo, àti pé owó epo tí a bá ń rí fi pamọ́ lórí mọ́tò mìíràn ló máa san owó tí a fi rà á. Apá méjèèjì ni mo fẹ́ tú wò, nítorí mo bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti ìṣirò náà.

A kọ́kọ́ wọn epo. Abẹ́rẹ́ epo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò ṣeé fi ṣe ìṣirò. Ńṣe lẹ máa rọ epo kún táńkì títí tí ẹnu ẹ̀rọ yóò fi já fúnra rẹ̀, ẹ ó kọ iye kìlómítà sílẹ̀, ẹ ó wa mọ́tò bí ẹ ṣe máa ń wà á, ẹ ó sì padà sí ẹ̀rọ kan náà ní ilé epo kan náà láti rọ ọ́ kún. Ó ní ìdí tí mo fi ní ẹ̀rọ kan náà: ẹ̀rọ méjì kì í sábà ka lítà bákan náà, ẹ̀yin náà mọ ìlú wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìrìn àjò Oǹdó ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi rin kìlómítà 250, lítà 40 ló sì wọlé. Lóṣù, ìyẹn jẹ́ lítà 160 fún kìlómítà 1,000. Tí a bá fi lítà kan sí 900 náírà, 144,000 ni.

Owó yẹn pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ orí ló fà á.

Mo ní kó gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì kejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò béèrè gíà rárá. Ó ní, "Ọ̀gá, tí ẹ bá ń lọ Oǹdó, ibo ni abẹ́rẹ́ ooru máa ń dúró sí?" Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í kúrò nísàlẹ̀, ó tiẹ̀ fi ń yangàn pé ẹ́ńjìnnì òun tutù dáadáa. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ki sikánà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, `P0128` sì jáde lójú rẹ̀, àmì tó ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ. Ó tú ilé tẹmosítáàtì, ihò lásán ló wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, fáànù rẹ́díétọ̀ bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, ẹni tó tún un ṣe nígbà náà kàn yọ tẹmosítáàtì dà nù. "Ìlú wa gbóná, kò wúlò," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí.

Ó wúlò o. Tẹmosítáàtì ló ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí ooru rẹ̀ yóò fi tó bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá yọ ọ́, omi tútù á máa ṣàn kiri láìdúró, kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé òwúrọ̀ ni, pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á sì máa tú epo kún epo. Nínú irú Kámúrì yìí, kọ̀ǹpútà kan náà kì í jẹ́ kí gíà wọ ìkẹrin nígbà tí omi bá tutù jù. Ẹ́ńjìnnì á máa ké lójú títì, awakọ̀ á ní gíà ti lọ. Ìkìjí tó ń ta ní tirẹ̀, epo gíà tó ti dúdú bí kọfí àti fáàfù kéékèèké oníná kan ló fà á. Tẹmosítáàtì, fáànù tuntun, epo gíà, fáàfù àti iṣẹ́ ọwọ́: 340,000 náírà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kìlómítà 250 gba lítà 32 àti ààbọ̀. Lítà 130 lóṣù nìyẹn, 117,000 náírà. Kòrólà ọmọ ìyá wa kan, tí a wọ̀n lọ́nà kan náà, ń gba lítà 100, èyí tó jẹ́ 90,000. Nítorí náà, èrè epo tó kù lára Kòrólà jẹ́ 27,000 lóṣù. Lọ́dún méjì, 648,000 ni. Kò tilẹ̀ sún mọ́ owó Kòrólà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí àwọn ará ọ́fíìsì kò wò rí, ìyẹn owó tó ń sọnù lára mọ́tò. Tòkunbọ̀ Kòrólà tí a bèèrè jẹ́ mílíọ̀nù 6.2. Ìwé, bátìrì, táyà àti sẹ́fíìsì àkọ́kọ́ gba 350,000. Mo wá béèrè iye tí irú rẹ̀, tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà fún ọdún méjì, ń tà lónìí: mílíọ̀nù 4.9. Mílíọ̀nù 1.65 ti lọ nìyẹn. Kámúrì, ẹni tó fẹ́ rà á bó ṣe wà ṣáájú àtúnṣe sọ mílíọ̀nù 2.4. Tí a bá lò ó fún ọdún méjì sí i, àá rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2. Ohun tó sọnù jẹ́ 400,000.

Iye owó òní ni kí ẹ fi wé ara wọn o. Ẹni tó ra mọ́tò ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, tó sì tà á lówó gọbọi lẹ́yìn náà, náírà ló já, kì í ṣe mọ́tò ló gòkè. Kó gbé owó náà lọ ra irú rẹ̀ padà, á rí i.

Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọdún méjì, Kámúrì yóò gba 400,000 tó sọnù, 340,000 àtúnṣe, nǹkan bíi 500,000 fún wàhálà tí ọkọ̀ ogún ọdún kò lè ṣe kó má fà, àti mílíọ̀nù 2.808 epo. Mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀. Kòrólà, mílíọ̀nù 1.65, 250,000 àtúnṣe, mílíọ̀nù 2.16 epo. Mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ náà ni!

Ẹnu yà mí, mo ti rò pé Kámúrì á fi í sílẹ̀ jìnnà. Ohun tó dá ẹjọ́ náà ni pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní owó tó kù lọ́wọ́. Ó fẹ́ yá mílíọ̀nù mẹ́rin ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, èlé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. 800,000 lọ́dún méjì, orí Kòrólà ló máa bọ́ sí. Ká ní owó náà wà nílẹ̀, tí àtúnṣe sì jẹ́ 850,000 tí ẹni àkọ́kọ́ dá, ǹ bá ní kó tà á.

Ó ní ohun tí ìṣirò kò lè gbà sílẹ̀. Tí èéfín búlúù bá ń jáde lẹ́yìn mọ́tò, tí ẹ ń fi epo ẹ́ńjìnnì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí tí jáàkì bá ń wọnú irin ìsàlẹ̀ nítorí ìpẹtà, iye tí wọ́n bá dá fún yín lónìí kì í ṣe ìkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ Kámúrì náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó fi sukuruúdíráfà gún irin náà káàkiri. Ó dún gbọngbọn. Ó jáde, ó gbọn eruku kúrò láyà, ó ní kí n bá òun pe ọmọ tó ní sikánà yẹn.