Ìlà tó ń gòkè àti ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀: bí a ṣe ń ka gíráàfù ìyòrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ni mí ní Mókọ́lá, Ìbàdàn. Wọ́n ní ká fi gíráàfù ṣírò iye KNO₃ tí yóò jáde bí a bá mú gíráàmù 105 omi KNO₃ tó ti yó ní 60 °C, tí a sì jẹ́ kó tutù dé 20 °C. Mo ka 110 àti 32, mo yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, mo kọ 78, wọ́n sì fagi lé e. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Àwọn nọ́ńbà tí o kà tọ́, ìyọkúrò rẹ náà sì tọ́, ṣùgbọ́n 78 jẹ́ ti gíráàmù 100 omi, omi inú ohun tí wọ́n fún ọ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Omi àti KNO₃ ló para pọ̀ tí wọ́n fi di gíráàmù 105. Ìlà òró lórí gíráàfù ìyòrò kì í ka àpapọ̀ àwọn méjèèjì. Ohun tó ń kà ni iye tí gíráàmù 100 omi lásán lè gbà kó tó yó, nígbà tí ìlà ìbú tó wà nísàlẹ̀ ń sọ bí omi náà ṣe gbóná tó.

Omi inú rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wá. Ní 60 °C, gíráàmù 100 omi gba gíráàmù 110 KNO₃, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 210. Ìdajì èyí gan-an ni 105, nítorí náà omi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 50, KNO₃ inú rẹ̀ sì jẹ́ 55. Níhìn-ín gan-an ni ìbá ti hàn sí ọ pé 78 kò ṣeé ṣe, nítorí pé ohun tí kò ju 55 lọ látìbẹ̀rẹ̀ kò lè bí 78. Nígbà tó bá tutù dé 20 °C, omi náà kò dín, gíráàmù 50 ló ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí 100 bá gba 32 níbẹ̀, 50 yóò gba 16 péré. Mú 16 kúrò nínú 55, wàá rí i pé gíráàmù 39 ni yóò di hóró tí yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀ bíkà.

Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí 39 yìí, má ṣe gbé bíkà náà kalẹ̀ sórí tábìlì kí o máa retí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìbàdàn, inú yàrá àyẹ̀wò sábà máa ń wà ní nǹkan bí 30 °C, bíkà tí a bá sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 30 °C, gíráàmù 100 omi ṣì lè gba nǹkan bí 46, ìyẹn ni pé gíráàmù 50 yóò di 23 mú, 32 péré ni yóò sì jáde. Ẹni tí kò bá wo tẹmọ́mítà lè rò pé gíráàfù ló purọ́. Inú abọ́ omi tí a da yìnyín sí ni kí o gbé bíkà náà sí, kí o sì dúró títí tẹmọ́mítà inú rẹ̀ yóò fi ka 20.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùdánwò fẹ́ràn láti fi dán akẹ́kọ̀ọ́ wò: ohun tí wọ́n fún ọ lè má tíì yó. Ààlà ni ìlà orí gíráàfù jẹ́. Bí o bá da gíráàmù 64 KNO₃ sínú gíráàmù 100 omi ní 60 °C, ojú ibi tó bọ́ sí lórí gíráàfù wà nísàlẹ̀ ìlà, nítorí pé omi náà ṣì lè gba gíráàmù 46 sí i. Bó ti ń tutù, iye KNO₃ inú rẹ̀ kò yí padà, nítorí náà fa ìlà gbọọrọ láti ojú ibẹ̀ lọ sí apá òsì títí yóò fi kan ìlà ìyòrò. Ní nǹkan bí 40 °C ni yóò ti kàn án, ibẹ̀ sì ni hóró àkọ́kọ́ yẹ kó ti yọ. Mo ní "yẹ" nítorí pé omi tó mọ́ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò rò, lè kọjá 40 °C lọ sísàlẹ̀ láìyọ hóró kankan. Wàá mọ irú rẹ̀ bí o bá ju hóró KNO₃ kan ṣoṣo sínú rẹ̀: àwọn tó kù yóò ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ya gíráàfù fúnra rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ máa rò ó láìdáwọ́dúró, kó tún mú un gbóná, kó sì ka tẹmọ́mítà lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè: Ó yé mi wàyí, ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ń mú kí nǹkan yòrò sí i, kí ló dé tí ìlà ọ́síjìn fi ń sọ̀kalẹ̀?

Ìdáhùn: Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ooru ń ràn lọ́wọ́. Da KNO₃ díẹ̀ sínú ọpọ́n gíláàsì tí omi wà nínú rẹ̀, kí o sì mì ín. Ọpọ́n náà yóò tutù mọ́ ọ lọ́wọ́, nítorí pé KNO₃ ń gba ooru lọ́wọ́ omi kó tó lè yòrò. Ohun tó ń gba ooru báyìí, bí a bá fún un ní ooru sí i, yóò yòrò sí i, ìlà rẹ̀ yóò sì gòkè. Iyọ̀ ọbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ooru, nítorí náà ìlà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ: nǹkan bí 36 ní 20 °C, nǹkan bí 39 ní 100 °C. Ca(OH)₂, tí a fi ń ṣe omi láìmù, ń tú ooru jáde ní tirẹ̀ bó ti ń yòrò, ìdí sì nìyí tí omi láìmù tó ti yó, tó sì mọ́ gaara, fi máa ń di funfun bí a bá gbé e kaná. (Má ṣe mí sínú rẹ̀ nígbà náà o, nítorí èémí pẹ̀lú máa ń sọ ọ́ di funfun, o kò sì ní mọ èwo ló ṣe é.)

Irú èyí ni gáàsì. Nígbà tí ọ́síjìn bá wọ inú omi, ó ń tú ooru díẹ̀ jáde. Bí omi bá wá gbóná, àwọn mólékù ọ́síjìn náà ní agbára tó pọ̀ tó láti já ara wọn gbà kúrò nínú omi, wọ́n á sì padà sínú afẹ́fẹ́. Wo ìkòkò omi tó wà lórí iná: kí omi náà tó hó rárá ni àwọn èéfófó wẹ́wẹ́ ti máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti yòrò sínú omi ló ń jáde yẹn, kì í ṣe omi tó ń hó.

Nígbà tí o bá ń ka ìlà gáàsì, kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nítorí pé mílígíráàmù nínú lítà kan ni, kì í ṣe gíráàmù. Lítà omi kan tó fara kan afẹ́fẹ́ ní etí òkun lè di nǹkan bí mílígíráàmù 9.1 ọ́síjìn mú ní 20 °C, ó sì lè di 7.6 mú ní 30 °C. Mo dárúkọ etí òkun nítorí pé agbára tí afẹ́fẹ́ fi tẹ omi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí agbára yẹn bá dín, gáàsì tó ń yòrò yóò dín. Míńírà tí oòrùn ti pa ní Dùgbẹ̀ máa ń ru jáde burúkú bí a bá ṣí i, nítorí pé ìgbóná àti ìdérí tó kúrò lórí rẹ̀ pa pọ̀ lé gáàsì jáde.

Iye tí omi lè gbà ni ìlà náà ń sọ fún wa, kò sọ iye tó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó ń sin ẹja epìyà lè ka 7.6 lórí gíráàfù kí ẹja rẹ̀ sì máa yọ ẹnu sókè omi lówùúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí omi tutù ju bó ti rí lọ́sàn-án lọ, nítorí pé lóru ni ẹja àti àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi jọ ń lo ọ́síjìn, tí kò sì sí oòrùn tí àwọn ewéko náà yóò fi ṣe òmíràn. Àrọ̀ kò ṣeé fi ṣe àmì irú èyí, torí pé ó máa ń gòkè wá gba afẹ́fẹ́ sẹ́nu bí ọ́síjìn inú omi tilẹ̀ pọ̀.