Ẹ̀dínwó Wà, Owó Sì Lé: Bí A Ṣe Ń Ka Lẹ́tà Ìsọdọ̀tun Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ra ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ mi lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Lẹ́tà wọn dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dúpẹ́ pé mo dúró ti àwọn, wọ́n sì ní àwọn yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún mi. Ṣùgbọ́n £480 ni mo san lọ́dún tó kọjá, £558 ni wọ́n ń béèrè báyìí. Irú ẹ̀dínwó wo nìyẹn?

Ìdáhùn: Wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára owó ọdún tó kọjá ni wọ́n ti yọ ìdá mẹ́wàá náà. Lọ́dọọdún ni ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ń ṣírò iye tuntun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo ọjọ́ orí rẹ̀, àdúgbò tó ń gbé, irú ọkọ̀ tó ń wà, iye tí àtúnṣe ọkọ̀ ń náni lásìkò náà, àti bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń ní ìjàǹbá tó. Tí ìṣirò tiyín bá jẹ́ £620 lọ́tẹ̀ yìí, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ £62, ohun tó sì kù ni £558 tí ẹ rí. Àwọn nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe dé orí £620 náà, nítorí náà ìdá tí wọ́n kọ gàdàgbà sínú lẹ́tà kò lè sọ fún yín bóyá ọjà náà wọ́n tàbí kò wọ́n.

Iye tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá lójú ìwé náà ni ti ọdún tó kọjá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 ni àjọ FCA, tí ń ṣàbójútó àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣúná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa kọ ọ́ síbi tí oníbàárà á ti lè fi wé ti tuntun. Ẹni tó bá sì ti sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wọn, bíi tiyín, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un kedere pé ó lè rí èyí tó dínwó níbòmíràn. Ìyẹn ni pé nínú ìwé kan náà tí wọ́n ti ń dúpẹ́ pé ẹ dúró, ó di dandan kí wọ́n rán yín létí pé ẹ lè lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà débẹ̀.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé òfin ti kà á léèwọ̀ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ ju ti ẹni tuntun lọ. Kí ló wá dé tí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà fi béèrè owó tó kéré sí tèmi lọ́wọ́ àbúrò mi?

Ìdáhùn: Òfin náà wà lóòótọ́, ìdí pàtàkì sì wà tí wọ́n fi ṣe é. Àṣà àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n á fi owó pọ́ọ́kú fa ẹni tuntun wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ bù sí i lọ́dọọdún, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ti mọ́ lára kì í sábà yẹ ìwé wò. Nígbà tí FCA wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn ló ń sanwó gọbọi fún ìnṣọ́ránsì ilé àti ti ọkọ̀ lọ́dún 2018, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá san iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń san ní ìpíndọ́gba ni, bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù igba pọ́n-ùn ni ì bá kù sí wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, owó ìsọdọ̀tun ìnṣọ́ránsì ilé tàbí ti ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà náà ká ní òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń fa ẹni tuntun mọ́ra pàápàá wà nínú ìṣirò náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń fi yín wé, kì í ṣe àbúrò yín. Ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé sí wọn lọ́dún àkọ́kọ́ sì ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ pé orí fóònù ni ẹ ti rà á, iye tí wọ́n ń gbà lórí fóònù ni òfin wò; bí àbúrò yín bá gba ìkànnì tí ń fi owó oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ wéra, tirẹ̀ lè dínwó ju tiyín lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni rú òfin. Òfin yìí kò sì sọ pé kí owó má lé fún gbogbo ènìyàn lápapọ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣe mí lóore lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ gba ọ̀nà kan náà tí ẹ gbà wọlé níjọ́sí, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà. Ẹ má yí ohunkóhun padà: ọkọ̀ kan náà, iye máìlì kan náà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, àti iye kan náà tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ dá bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá pe £575, a jẹ́ pé ẹ̀dínwó yín jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n £17 ni, kì í ṣe £62. Tí wọ́n bá pe £530, ẹ fi tẹlifóònù pè wọ́n kí wọ́n ṣàlàyé ara wọn.

Ẹ wo ohun méjì mìíràn dáadáa. Èkíní ni iye tí ẹ máa kọ́kọ́ dá yẹn. Bí ó bá jẹ́ £250 lọ́dún tó kọjá tó wá di £400, wọ́n ti fi ọwọ́ kan fún yín, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì gbà á padà. Èkejì ni sísan án lóṣooṣù, èyí tí ó sábà máa ń ní èlé. Ká ní £52.50 ni wọ́n ń béèrè lóṣù, ìlọ́po méjìlá rẹ̀ jẹ́ £630, èlé orí rẹ̀ sì jẹ́ £72, tó ju gbogbo ẹ̀dínwó tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ. Ní tèmi, ibí yìí ni owó àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòfò jù.

Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tó kẹ́yìn kí ẹ tó wádìí iye níbòmíràn, nítorí owó sábà máa ń gbówó lórí fún ẹni tó ń sáré rà á. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú dára.

Ìbéèrè: Tí mo bá kúrò, ṣé ẹ̀dínwó àwọn ọdún tí n kò fi ní ìjàǹbá á bọ́ lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Rárá, tiyín nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ẹ fi han ilé-iṣẹ́ tuntun. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sọ ọ́ dọ̀tun fúnra wọn, tí wọ́n á sì fa owó láti báńkì yín, nítorí náà ẹ sọ fún wọn kí ọjọ́ tó pé. Bí wọ́n bá ti fà á tán, ẹ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti fagi lé e, àmọ́ wọ́n lè yọ owó ọjọ́ tí ẹ lò. Kí ẹ sì rí i dájú pé ti tuntun ti bẹ̀rẹ̀ kí ti àtijọ́ tó parí, torí ọkọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì, kódà bí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà yín láìrìn, lè mú ìtanràn £100 wá, àyàfi tí ẹ bá ti fi SORN jẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé kò sí lójú pópó.