Ibi tí ìbò akẹ́kọ̀ọ́ ti ń há láàárín ilé àti iléèwé

Bí ìdìbò bá ti parí ní Ìbàdàn, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n máa ń fi kan àwọn ọmọ yunifásítì: wọn ò bìkítà, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń ṣe òṣèlú. Iye tí àjọ elétò ìdìbò INEC fúnra rẹ̀ kéde kò gbè é lẹ́yìn. Nínú 93,469,008 ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ọdún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ ni 26,027,481. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin, kò sì sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ mìíràn tó pọ̀ tó wọn. Ẹni tí kò bìkítà kì í lọ to ìlà kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ wáyé. Láàárín ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sí ọjọ́ ìdìbò ni nǹkan ti ń bàjẹ́, bí ètò náà sì ṣe rí ló fà á.

Ní Nàìjíríà, ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo ni wọ́n so olùdìbò mọ́. Òfin ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, sọ pé ibi tí orúkọ ènìyàn wà ni yóò gbé káàdì rẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ dìbò níbòmíràn. Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń yẹ ojú àti ìka wò lọ́jọ́ ìdìbò, orúkọ àwọn ará ibùdó yẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mú káàdì Ṣakí wá sí Àgbowó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀rọ kò ní rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì gidi ni. Kò sí ìdìbò nípa lẹ́tà, kò sì sí pé kí ẹnìkan bá ẹlòmíràn dì í.

Ara káàdì ni èèyàn ti lè mọ ibi tí wọ́n so òun mọ́. Kóòdù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi dáàṣì pín sí mẹ́rin: nọ́ńbà ìpínlẹ̀ ló ṣíwájú, ti ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọ́ọ̀dù, ibùdó ìdìbò ló kẹ́yìn. Ọ̀yọ́ ni 30, Ọ̀ṣun ni 29, Èkó ni 24. Ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tí káàdì rẹ̀ bá fi 29 bẹ̀rẹ̀, Ọ̀ṣun ni yóò ti dìbò, ì báà jẹ́ pé ọdún márùn-ún ló ti ń gbé Àgbowó. Kódà 30 nìkan kò tó, nítorí Ṣakí àti Àgbowó ni wọ́n jọ ń jẹ́ 30. Ìyókù kóòdù náà ló ń sọ bóyá èèyàn yóò wọ ọkọ̀ tàbí yóò fi ẹsẹ̀ rìn.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ọmọ Ṣakí kan tó ń kàwé ní Ìbàdàn gba inú ìdìbò 2023 kọjá. Ọ̀pọ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn rí báyìí.

INEC ṣí ìforúkọsílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2021, ó sì tì í ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2022. Àárín ìgbà yẹn ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022. Iléèwé dá páropáro, akẹ́kọ̀ọ́ wa padà sí Ṣakí. Nígbà tí ariwo pé ìforúkọsílẹ̀ fẹ́ parí bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlú, ilé ni ó wà, ilé náà ló sì ti forúkọ sílẹ̀. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ló ṣe.

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni ASUU tó dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Nígbà tó fi padà sí Ìbàdàn, ó ti lé ní oṣù méjì tí INEC ti ti ilẹ̀kùn, tòun ti ààyè láti gbé orúkọ láti ibùdó kan lọ sí òmíràn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Ṣakí ni ìbò rẹ̀ wà. Ibi tí ọ̀ràn ọdún yẹn ti wọ́ gan-an nìyí, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó lọ́wọ́ nínú déètì méjèèjì.

Gbígba káàdì ló tẹ̀ lé e, láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2022. Wọ́n sún un síwájú títí tó fi parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2023. Wọn ò gbà kí ẹnìkan bá ẹlòmíràn gba káàdì, nítorí náà ó di dandan kí ó lọ sílé fúnra rẹ̀, nígbà tí iléèwé ń sáré kọ́ ohun tí ìyanṣẹ́lódì jẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àsìkò yẹn náà ni epo wọ́n, tí owó náírà tuntun kò sì ṣeé rí. Ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ gbà ní báńkì, bó tilẹ̀ ní gbogbo ìfẹ́ láyé, kò lè lọ.

Ìjọba rí ìṣòro náà. Àjọ NUC tó ń mójú tó yunifásítì pàṣẹ kí gbogbo yunifásítì ti iléèwé láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ dìbò. Àṣẹ tó dára ni fún ọmọ Ṣakí yìí, ó bá a lọ́wọ́ fún ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù Kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀, òdìkejì ló bá a: iléèwé tì, àwọn òbí ní kó máa bọ̀ nílé, ìbò rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn.

Lẹ́yìn náà ni ìdìbò gómìnà yẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni wọ́n fi í sí tẹ́lẹ̀, INEC sún un sí ọjọ́ 18 kí wọ́n lè tún àwọn ẹ̀rọ BVAS tò. Ìsinmi NUC ti parí ní ọjọ́ 14. Ọmọ Ṣakí tí iléèwé rẹ̀ bá tẹ̀ lé déètì yẹn, ó ti wà ní kíláàsì ní Ìbàdàn nígbà tí ìdìbò gómìnà àti ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ dé.

Ẹ̀yìn irú ìrírí báyìí ni ọ̀rọ̀ bí “ìbò mi ò lè yí nǹkan kan padà” ti máa ń jáde. Bí ẹni tó sọ ọ́ bá ní káàdì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí káàdì náà wà, kí a tó pè é ní aláìbìkítà.

Àwọn kan máa ń fi ìforúkọsílẹ̀ tuntun yanjú rẹ̀: wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ nílé, wọ́n tún lọ forúkọ sílẹ̀ nítòsí iléèwé. Òfin kò gbà á, àkànṣe ẹ̀rọ ni INEC sì fi ń wé ojú àti ìka pọ̀. Nínú ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n parí ní 2021 sí 2022, wọ́n yọ 2,780,756 kúrò, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ sì wà lára wọn. Gbígbé orúkọ lọ sí ibùdó mìíràn ni ọ̀nà tó tọ́. Orí cvr.inecnigeria.org ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ṣí nìkan, lábẹ́ òfin 2022 tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023 sì rèé, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ ku àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí ìdìbò tó dé nígbà náà.

Ẹni tó bá ń gbé orúkọ rẹ̀ wá sí Ìbàdàn tún ń pààrọ̀ aṣojú. Ìbò ààrẹ kò yàtọ̀ níbikíbi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dìbò ní àyíká Yunifásítì Ìbàdàn, aṣojú Àríwá Ìbàdàn ló ń yàn sí Àbújá, kì í ṣe ti ìlú rẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ku ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó jáde, ojú ọ̀nà Àgbowó àti omi inú ilé tó rẹ́ǹtì kàn án lójoojúmọ́. Fún ẹni tó wà ní ọdún ìkẹyìn, tí yóò ti jáde kí ìdìbò tó dé, kí ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nílé ló dára jù.

Àwọn kan sì wà tí gbogbo èyí kò kàn rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún kìíní ló jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún. Ẹni tó pé ọdún méjìdínlógún ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, lẹ́yìn tí INEC ti ti ìforúkọsílẹ̀, kò lè dìbò ní 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà tó lọ́jọ́ ìdìbò.