Ọ̀pá Wà Lórí Òrùlé, Ilẹ̀ Ńkọ́?

Bàbá onílé kan ní Ìbàdàn nawọ́ sókè, wọ́n ní, “Injíníà, wo tọ́ńdà àrẹ́sítà mi, ọkàn mi balẹ̀.” Mo wo ọ̀pá bàbà tó wà lórí ilé alájà mẹ́fà náà, mo bi wọ́n léèrè ibi tí wáyà rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Wọn ò mọ̀.

Ọ̀pá yẹn kì í lé mànàmáná lọ. Òun ló ń gbà á, kó má baà ba ilé. Ibi tó ga jù ni mànàmáná sábà máa ń bà, nítorí náà bí ẹ bá gbé táǹkì omi tó ga ju ọ̀pá lọ sórí òrùlé, ẹ ti sọ ọ̀pá di ọ̀ṣọ́.

Láti òkè, pẹlẹbẹ bàbà ló ń gbé iná náà bọ̀ wálẹ̀ lára ògiri. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Iná mànàmáná máa ń ya wọ inú bàbà náà lójijì. Bí wọ́n bá ká bàbà náà bí ẹni ká okùn, iná lè fò kúrò nínú rẹ̀ lọ sára irin fèrèsé.

Ti bàbá lọ tààrà. Mẹ́rin ni, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ́ẹ̀tì ródù, irin tí wọ́n gbá wọlẹ̀, sì wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tú wọn kúrò lára pẹlẹbẹ náà, mo fi ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n. Óòmù la fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Bó bá ṣe kéré sí ló ṣe dára sí. Igun mẹ́ta jẹ́ 32, 34 àti 36. Ìkẹrin jẹ́ 110! Iná máa ń pín ara rẹ̀ sáàárín wọn, nítorí náà óòmù gbogbo wọn lápapọ̀ máa ń kéré ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. A kì í fẹ́ kí gbogbo wọn lápapọ̀ ju 10 lọ, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju 40. Ti bàbá lé díẹ̀ ní 10.

Bàbá ní, “Ṣebí díẹ̀ náà ni?” Oṣù kẹsàn-án la wà, ilẹ̀ rin gbingbin. Bó bá gbẹ, óòmù á gòkè sí i.

A gbẹ́ igun kẹrin. Ródù tó yẹ kó gùn ní mítà 1.2 ò ju ìdajì mítà lọ nínú ilẹ̀: ó kan àpáta, àwọn òṣìṣẹ́ sì gé èyí tó kù dànù. Níbi tí àpáta wà, ẹ má fi agídí gbá ródù wọlẹ̀. A gbẹ́ kòtò gígùn tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, a tẹ́ bàbà sínú rẹ̀, a sì fi béntónáìtì, amọ̀ tí ń di omi mú, bò ó. Àwọn kan máa ń da iyọ̀ sí i. Òjò á wẹ̀ ẹ́ lọ, iyọ̀ á sì jẹ irin.

Igun náà di 30. Lóṣù kìíní, tí ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀, mo padà lọ wọ̀n ọ́n: gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ lé díẹ̀ ní 9. Bàbá wá bi mí bóyá wọ́n lè fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ lójú iná báyìí bí àrá bá ń sán. Mo ní, “Rárá sà. Wáyà tó ti òpó ìta wọlé ṣì lè gbé e wá bá yín.”